Orúkọ Jọ́nà Nínú Àkójọ Ìwé Ìtọ́kasí: Ká Kọ Ọ́ Tán Ni, Àbí Ká Gé E Kúrú?

Jọ́nà ìṣègùn kan wà tó ń jáde ní Ìbàdàn, African Journal of Medicine and Medical Sciences ni orúkọ rẹ̀. Bí ẹni tó ń kọ iṣẹ́ ìwádìí bá fẹ́ gé orúkọ yìí kúrú, ohun tó yẹ kó kọ ni “Afr J Med Med Sci”. Ṣùgbọ́n “Med Med” yìí máa ń jọ àṣìtẹ̀ lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Á rò pé ọwọ́ ló ṣèèṣì tẹ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì, á sì yọ ọ̀kan kúrò. Ohun tó kù ni “Afr J Med Sci”. Ìyẹn náà kì í ṣe orúkọ lásán. African Journal of Medical Sciences ni wọ́n ń gé bẹ́ẹ̀, orúkọ tí jọ́nà yìí kan náà ń jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kó tó di pé wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí ti òde òní. Ẹni tó bá lọ wá àpilẹ̀kọ ọdún 1995 lábẹ́ orúkọ àtijọ́ yìí á wá a títí, kò ní rí i.

Ojú ìwé tó máa ń wà lẹ́yìn iṣẹ́ ìwádìí, tí wọ́n ń to ìwé ìtọ́kasí sí, ni òǹkàwé ń gbà dé ìdí ohun tí òǹkọ̀wé sọ. Bí òǹkọ̀wé bá ní oògùn ibà kan kò ran ibà mọ́, ibẹ̀ ni a ó ti rí ẹni tó ṣe ìwádìí náà, ọdún tó jáde, jọ́nà tó gbé e jáde àti ojú ìwé tó wà. Nínú gbogbo nǹkan wọ̀nyí, orúkọ jọ́nà ló sábà máa ń rí ṣákálá, nítorí ọ̀nà méjì tó tọ́ ni wọ́n ń gbà kọ ọ́. Àwọn kan ń kọ ọ́ tán pátápátá, àwọn mìíràn ń gé e kúrú. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì. Ohun tí kò dára ni kí àkójọ kan ṣoṣo ṣe méjèèjì pọ̀, kí jọ́nà kan wà ní kíkún lókè, kí òmíràn jẹ́ ìgékúrú láàárín, kí ti ìsàlẹ̀ sì jẹ́ ìgékúrú tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ hùmọ̀.

Ìlànà tí wọ́n ní kí iṣẹ́ náà tẹ̀ lé ló ń sọ èwo ni ká lò, kì í ṣe èyí tó wu òǹkọ̀wé. Ìlànà APA, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá àti ẹ̀kọ́ olùkọ́ ń lò, orúkọ kíkún ló fẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni MLA, tí àwọn onímọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ mọ̀ dáadáa. Ìlànà Vancouver, tí jọ́nà ìṣègùn púpọ̀ ń tẹ̀ lé, ìgékúrú ló fẹ́, láìsí àmì ìdánudúró lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí wọ́n gé. IEEE ti àwọn ẹnjiníà náà fẹ́ ìgékúrú, ṣùgbọ́n tiwọn ní àmì ìdánudúró. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní kó fi APA kọ iṣẹ́ oyè rẹ̀ lè parí rẹ̀ tán, kó fẹ́ yọ àpilẹ̀kọ kan nínú rẹ̀ fún jọ́nà ìṣègùn, kí wọ́n sì ní Vancouver ni àwọn ń gbà. Ìwé tó tọ́ka sí kò yí padà o, orúkọ jọ́nà inú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yí padà láti òkè dé ilẹ̀.

Ibi tí ìgékúrú wọ̀nyí ti wá ṣe pàtàkì, torí òun ló fà á tí ẹnikẹ́ni kò fi lè máa gé orúkọ bó ṣe wù ú. Ní 1879, John Shaw Billings, dókítà ológun tó ń bójú tó ilé-ìkàwé ìṣègùn àwọn ológun Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí gbé ìwé kan jáde tó ń jẹ́ Index Medicus. Iṣẹ́ ìwé náà ni láti máa to orúkọ àwọn àpilẹ̀kọ ìṣègùn tó ń jáde káàkiri àgbáyé, kí dókítà lè mọ ibi tó máa wá wọn sí. Orí bébà ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹni tó ń to ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpilẹ̀kọ sórí bébà kò lè máa kọ orúkọ jọ́nà gbọọrọ ní gbogbo ìgbà, nítorí àyè ò sí. Ilé-ìkàwé yẹn ló padà di Ilé-ìkàwé Ìṣègùn Àpapọ̀ Amẹ́ríkà, èyí tó wà ní Bethesda ní ìpínlẹ̀ Maryland, tí àwọn ènìyàn ń pè ní NLM. Òun ló ni PubMed tí àwọn oníwàádìí ń lò lórí kọ̀ǹpútà lónìí. Nígbà tí àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn kan sì pàdé ní ìlú Vancouver ní Kánádà ní 1978 láti fẹnu kò lórí bí àpilẹ̀kọ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wọn yóò ṣe máa rí, ìgékúrú NLM ni ìlànà wọn mú lò.

Yàtọ̀ sí ti NLM, òfin àgbáyé kan wà tó ń jẹ́ ISO 4. Ilé iṣẹ́ ISSN ní Paris, àwọn tí wọ́n ń rí sí nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí jọ́nà kọ̀ọ̀kan ń gbà, ló ń tọ́jú àkójọ ọ̀rọ̀ tó bá òfin náà rìn. LTWA ni wọ́n ń pe àkójọ ọ̀hún. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe orúkọ jọ́nà lódindi: ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gé “Journal” á rí “J.”, ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ tí wọn kì í gé á rí “n.a.” níwájú rẹ̀.

Òfin tó wà lẹ́yìn àkójọ méjèèjì kò ju mẹ́rin tó yẹ kí òǹkọ̀wé fi sọ́kàn. Àkọ́kọ́ ni pé wọn kì í gé orúkọ tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Nature, Science, Blood àti Africa wà bẹ́ẹ̀ láìyẹ̀. Láàńgbàsà, jọ́nà tí wọ́n ń fi èdè Yorùbá kọ ní Yunifásítì Èkó, náà kò ní gé. Èkejì ni pé àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bíi “of”, “and” àti “the” máa ń jáde kúrò. Ìdí nìyí tí The Lancet fi di “Lancet” nínú ìgékúrú.

Ẹ̀kẹta ni pé àwọn ọ̀rọ̀ tó kù kò gbọ́dọ̀ pààrọ̀ àyè. Èyí ló ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ní jàǹbá. West African Journal of Medicine, tó ṣì ń jáde, ni “West Afr J Med”. Ṣùgbọ́n jọ́nà àtijọ́ kan wà láyé ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ West African Medical Journal, tirẹ̀ sì ni “West Afr Med J”. Lẹ́tà kan náà gan-an ló wà nínú méjèèjì. Ibi tí “J” jókòó sí nìkan ló yà wọ́n. Bí òǹkọ̀wé bá kọ orúkọ wọn ní kíkún, ojú ẹsẹ̀ ni òǹkàwé máa rí i pé jọ́nà méjì ni. Bó bá gé wọn, tí ọwọ́ rẹ̀ sì yẹ̀ díẹ̀, ó ti gbé iṣẹ́ ẹnìkan sínú jọ́nà mìíràn.

Òfin kẹrin ni pé bí àkójọ bá ṣe gé ọ̀rọ̀ ni kí á gé e. Bulletin of the World Health Organization ni àpẹẹrẹ tó hàn jù. Ọ̀pọ̀ ló máa ń kọ “Bull. WHO”, nítorí WHO ni gbogbo ayé mọ àjọ náà sí. Ìgékúrú rẹ̀ ní NLM ni “Bull World Health Organ”. Wọn ò gé “World” àti “Health” rárá, wọn ò sì sọ orúkọ àjọ náà di lẹ́tà mẹ́ta. Ti “Nigerian” náà tún wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, “Nig. J.” ló máa ń wá sọ́wọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n “Niger” ni NLM ń kọ: Nigerian Journal of Clinical Practice ni “Niger J Clin Pract”. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé orílẹ̀-èdè Niger ni jọ́nà náà ti wá, kó sì tún un kọ sí “Nig”. Kò yẹ kó fọwọ́ kàn án.

Ó kù sí àmì ìdánudúró. ISO 4 ń fi í sẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá gé, kì í fi í sẹ́yìn èyí tí wọn ò gé. NLM kì í fi í sí rárá. The New England Journal of Medicine lè jẹ́ “N. Engl. J. Med.” níbì kan, kó jẹ́ “N Engl J Med” níbòmíràn. Méjèèjì tọ́. Bí wọ́n bá jọ wà nínú àkójọ kan, àkójọ náà ti ṣe méjì.

Ká wá mú àpẹẹrẹ kan yẹ̀ wò. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ń kọ̀wé lórí ìtọ́jú aláboyún. Ó kó díẹ̀ nínú ìwé ìtọ́kasí rẹ̀ láti PubMed, ó rí díẹ̀ lẹ́yìn àpilẹ̀kọ ẹlòmíràn, ó sì fọwọ́ tẹ ìyókù. Nígbà tó fa orúkọ àwọn jọ́nà náà yọ, bí wọ́n ṣe rí nìyí:

African Journal of Medicine and Medical Sciences
Afr. J. Med. Sci.
West Afr J Med
Nig. J. Clin. Pract.
Bull. WHO
Lancet (London, England)
NEJM

Orúkọ méje ló wà níbẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ jọ́nà mẹ́fà péré. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ló ń fa iyèméjì: ṣé jọ́nà òde òní ni èkejì ń tọ́ka sí, tí ẹnìkan wá yọ “Med” kan kúrò nínú rẹ̀, àbí ti àtijọ́ ni lóòótọ́? Orúkọ náà kò lè dáhùn ìbéèrè yìí. Ọdún tó wà nínú ìtọ́kasí náà ló lè dá a. Bí ó bá jẹ́ 1971, ti àtijọ́ ni, kí ó dúró bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 1995, “Med” ló sọnù. Ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì bá ọdún 1995 níbẹ̀. Àtúnṣe tó máa ṣe fún ìlànà Vancouver ni kí méjèèjì di “Afr J Med Med Sci”. Ẹ̀kẹta wà bó ṣe yẹ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kẹrin á di “Niger J Clin Pract”, ẹ̀karùn-ún á di “Bull World Health Organ”, ẹ̀kẹfà á di “Lancet”, ìkẹyìn á sì di “N Engl J Med”.

Bó bá jẹ́ APA ni wọ́n fẹ́, ọ̀nà mìíràn ni yóò gbà. African Journal of Medicine and Medical Sciences á dúró, West African Journal of Medicine, Nigerian Journal of Clinical Practice àti Bulletin of the World Health Organization á jáde ní kíkún. “The” tó wà níwájú orúkọ The Lancet àti The New England Journal of Medicine á padà sí àyè rẹ̀, nítorí APA fẹ́ orúkọ gẹ́gẹ́ bí jọ́nà náà ṣe ń kọ ọ́. Ìyẹn nìkan kọ́: “NEJM” ṣì rọrùn láti mọ̀, torí pé jọ́nà náà lókìkí. Kí ni ká ti wá ṣe “AJB”? American Journal of Botany ni lójú onímọ̀ ewéko, African Journal of Biotechnology sì ni lójú ẹlòmíràn. Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ lásán bẹ́ẹ̀ kò bá Vancouver mu, kò sì bá APA mu, àfi tó bá jẹ́ pé bí jọ́nà náà ṣe ń jẹ́ gan-an nìyẹn, irú bíi JAMA.

Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí dé, ó ti hàn pé iṣẹ́ àtilọ láti orúkọ kíkún sí ìgékúrú yàtọ̀ sí iṣẹ́ àtipadà. Ẹni tó ní orúkọ kíkún lọ́wọ́ lè ṣí àkójọ NLM, kó rí ìgékúrú kan ṣoṣo tó jẹ́ ti jọ́nà náà. Ẹni tó jẹ́ pé ìgékúrú ọwọ́ ara ẹni nìkan ló ní gbọ́dọ̀ máa méfò, kó sì padà lọ ṣí àpilẹ̀kọ náà wò. Nítorí náà, ohun tó bójú mu jù ni kí òǹkọ̀wé tọ́jú orúkọ kíkún sínú àkọsílẹ̀ tirẹ̀ láti ọjọ́ tó bá ti kọ́kọ́ ka àpilẹ̀kọ kan, bó tilẹ̀ mọ̀ pé jọ́nà tóun ń kọ̀wé fún fẹ́ ìgékúrú. Ìparí iṣẹ́ ni ó yẹ kí gígé wáyé.

Ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn oníwàádìí ń lò láti tọ́jú ìwé ìtọ́kasí lè bá wọn gé e, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá fi sínú rẹ̀ ló máa lò. Zotero, tí ènìyàn lè lò lọ́fẹ̀ẹ́, ní àyè méjì fún orúkọ jọ́nà: ọ̀kan ni `Publication`, ibẹ̀ ni orúkọ kíkún ń gbé, èkejì ni `Journal Abbr`, ti ìgékúrú. Bí ìlànà tí òǹkọ̀wé yàn bá fẹ́ ìgékúrú, Zotero á wo àyè kejì. Bó bá bá ibẹ̀ ní òfìfo, á mú orúkọ kíkún. Ibí yìí gan-an ni àdàlù ti máa ń bẹ̀rẹ̀: ìwé tó wá láti PubMed máa ń gbé ìgékúrú rẹ̀ wá, èyí tó wá láti ibòmíràn kì í sábà gbé e wá, àkójọ á sì jáde ní àwọ̀ méjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ ohunkóhun ní àṣìṣe. Nínú ìṣètò ìwé ti Zotero, àpótí kan wà tí wọ́n kọ “Use MEDLINE journal abbreviations” sí. Ẹni tó bá máàkì rẹ̀ ń sọ fún Zotero pé kó pa àyè kejì tì, kó fi ìgékúrú NLM rọ́pò orúkọ tó wà ní àyè kìn-ín-ní. Àyè kìn-ín-ní gbọ́dọ̀ pé kí èyí tó lè ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé “Nig. J. Clin. Pract.” lẹnìkan kọ síbẹ̀, kọ̀ǹpútà kò ní mọ ohun tó jẹ́, kò sì ní lè sọ ọ́ di orúkọ kíkún fún APA.

PubMed fúnra rẹ̀ ní àṣà kan tó yẹ ká ṣọ́. NLM máa ń kọ orúkọ jọ́nà bí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé ṣe ń kọ ọ́, lẹ́tà ńlá níbẹ̀rẹ̀ àti lórí orúkọ ẹni tàbí ti ìlú, lẹ́tà kékeré níbi tó kù: “The New England journal of medicine”. Wọ́n tún máa ń fi ìlú kún orúkọ kan kó má bàa jọ òmíràn. Ibẹ̀ ni “Lancet (London, England)” inú àpẹẹrẹ wa ti wá. Kò sí ìlànà kankan tó ní kí òǹkọ̀wé kọ London síbẹ̀. Bí a bá rí i nínú àkójọ ẹnìkan, a ti mọ̀ pé láti PubMed ló ti kó o, kò sì tún un wò. Nínú àyè orúkọ kíkún ló ti yẹ kí ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan, gbogbo iṣẹ́ tó bá tún kọ lẹ́yìn náà á sì jàǹfààní rẹ̀.

Ìbéèrè méjì ló sábà máa ń kù. Èkíní ni ti jọ́nà tó yí orúkọ padà. British Medical Journal di BMJ ní 1988. Àpilẹ̀kọ ọdún 1975 tó jáde níbẹ̀ á máa jẹ́ ti “Br Med J”, ti ọdún 2005 á jẹ́ ti “BMJ”. Òǹkọ̀wé tó bá sọ gbogbo wọn di BMJ kí wọ́n lè bára mu ti ṣàṣejù. Orúkọ tí jọ́nà ń jẹ́ lọ́jọ́ tí àpilẹ̀kọ náà jáde ló yẹ kó wà níbẹ̀, kí méjèèjì sì jẹ́ ìgékúrú tàbí kí méjèèjì wà ní kíkún.

Èkejì ni ti jọ́nà tí NLM kò ní lákọsílẹ̀. Wọ́n pọ̀ nílé wa, pàápàá èyí tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan tàbí ẹgbẹ́ kan ń gbé jáde. Kí òǹkọ̀wé kọ́kọ́ wá ìgékúrú náà lára jọ́nà ọ̀hún, nítorí àwọn kan máa ń tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ tàbí sí òkè ojú ìwé àkọ́kọ́ àpilẹ̀kọ wọn. Bí kò bá sí, kó lo àkójọ LTWA, kó gé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà níbẹ̀, kó yọ àmì ìdánudúró bí ìlànà rẹ̀ kò bá fẹ́ ẹ. Àwọn olóòtú mìíràn ń sọ pé kí òǹkọ̀wé kọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ní kíkún. Ibi tí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, orúkọ kíkún kan láàárín ìgékúrú kì í ṣe àṣìṣe, níwọ̀n ìgbà tó bá ti jẹ́ pé ìtọ́jú kan náà ni gbogbo jọ́nà bẹ́ẹ̀ gbà.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ọ̀nà tó yá jù láti yẹ àkójọ wò ni kí òǹkọ̀wé fa orúkọ jọ́nà nìkan yọ sínú ìwé tuntun, ọ̀kan sí ìlà kan, kó wá ní kí kọ̀ǹpútà tò wọ́n ní ìtẹ̀léra ábídí. Bí wọ́n ṣe wà nínú àkójọ gidi, orúkọ òǹkọ̀wé àti àkọlé àpilẹ̀kọ máa ń fi wọ́n pamọ́. Bí wọ́n bá ti dá dúró, “Niger J Clin Pract” àti “Nig. J. Clin. Pract.” á wà nítòsí ara wọn, ojú á sì tètè rí wọn. Lẹ́yìn náà, kó wá “Journal” nínú àkójọ tó yẹ kó jẹ́ ìgékúrú, tàbí kó wá “J” tó dá dúró nínú èyí tó yẹ kó wà ní kíkún. Bí ìlànà tí jọ́nà kan fún òǹkọ̀wé kò bá sọ èwo ni òun fẹ́, kó ṣí àpilẹ̀kọ méjì tàbí mẹ́ta nínú àtẹ̀jáde jọ́nà náà tó dé kẹ́yìn, kó wo bí wọ́n ṣe to ìwé ìtọ́kasí níbẹ̀, kó sì ṣe tirẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí kan àmì ìdánudúró.